Àwọn Tó Sàn Láìgba Oògùn: Ìtàn Plasíbò Nínú Ìdánwò Oògùn Ìsoríkọ́

Ní ọdún 1956, ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ kan ní Münsterlingen, létí adágún Constance ní Switzerland, Dókítà Roland Kuhn fún àwọn aláìsàn rẹ̀ ní oògùn kan tí ilé-iṣẹ́ Geigy kó ránṣẹ́ sí i. Nọ́ńbà lásán ni wọ́n fi ń pe oògùn náà nígbà náà; imipiramínì ni orúkọ tó wá gbà. Kuhn ti kọ́kọ́ dán an wò lára àwọn tí iyè wọn dàrú, kò sì rí èrè kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó fún àwọn tí ìsoríkọ́ ti wó mọ́lẹ̀, àwọn tí oúnjẹ kò wù jẹ, tí wọn kì í fẹ́ dìde nílẹ̀, tí wọn kì í dá èèyàn lóhùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jí fúnra wọn láàárọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe. Ní 1957 ó kọ àbọ̀ rẹ̀ jáde lórí nǹkan bí ogójì aláìsàn. Kò yan àwọn kan sọ́tọ̀ tí yóò máa gbé hóró tí kò ní oògùn nínú mì. Ojú rẹ̀ ló fi wò wọ́n, ojú náà kò sì tàn án jẹ, nítorí àwọn dókítà ṣì ń lo imipiramínì títí dòní.

Láti ìgbà náà, irinṣẹ́ ìdánwò ti pọ̀ ju ti Kuhn lọ fíìfíì. A ní ìwọ̀n, a ní ìṣirò, a ní òfin. Síbẹ̀, nígbà tí Erick Turner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìwé àjọ oúnjẹ àti oògùn Amẹ́ríkà wò ní 2008, ìdánwò 74 ni wọ́n rí lórí oògùn ìsoríkọ́ méjìlá tí àjọ náà ti fọwọ́ sí, 38 péré nínú wọn ni àjọ náà sì kà sí èyí tó yọrí sí rere. Oògùn tí a mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ ni gbogbo wọn. Nínú nǹkan bí ìdajì ìdánwò náà, oògùn kò fi hàn kedere pé òun ju plasíbò lọ, ìyẹn hóró tó jọ oògùn ní àwọ̀ àti ní ìrísí ṣùgbọ́n tí kò ní èròjà kankan tó lè wo àrùn. Àwọn tó gbé plasíbò mì ń sàn ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé wọn ò kìlọ̀ fún òun. Lẹ́yìn àjálù oògùn talidomáìdì, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin ní 1962 pé ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ta oògùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìdánwò tó péye hàn pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Ọdún méjì ṣáájú òfin yẹn ni Max Hamilton, ní ìlú Leeds, ti tẹ ìwọ̀n kan jáde tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìsoríkọ́. Ìbéèrè mẹ́tàdínlógún ló wà nínú rẹ̀: nípa oorun, ìbànújẹ́, ìdálẹ́bi ara ẹni, iṣẹ́, oúnjẹ, ìpayà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń bi aláìsàn léèrè ló ń fún un ní máàkì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ rẹ̀ kò sì lè ju 52 lọ. Bí máàkì bá ṣe pọ̀ tó ni àìsàn ṣe le tó. Ẹ jẹ́ ká fi ìwọ̀n yìí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wa yóò dá lé.

Ní 1965, Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ àbọ̀ ìdánwò ńlá kan jáde. Àwọn tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ogójì sí mọ́kàndínláàádọ́rin ọdún, ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, 71 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fi iná mànàmáná tọ́jú ni àmì àìsàn wọn ti lọ tàbí tí ó kù díẹ̀. Àwọn tó lo imipiramínì jẹ́ 52 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó lo oògùn kejì, fẹnẹlísìnì, jẹ́ 30, àwọn tó lo plasíbò sì jẹ́ 39. Èyí túmọ̀ sí pé plasíbò gba iwájú oògùn gidi kan lọ, láàárín àwọn tí àìsàn wọn le débi pé wọ́n gba bẹ́ẹ̀dì fún wọn.

Lẹ́yìn náà ni ilé ìdánwò kúrò nínú wọ́ọ̀dù. Bí oògùn tuntun ti ń jáde ní ọdún 1980 sókè, àwọn ilé-iṣẹ́ apoògùn nílò ọgọ́rọ̀ọ̀rún aláìsàn kíákíá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpolówó inú ìwé ìròyìn àti rédíò wá wọn. Àwọn tó ń jáde wá ń ti ilé wọn wá, wọ́n ń ṣiṣẹ́, àìsàn wọn kò sì le tó ti àwọn aláìsàn Kuhn. Iye ilé ìwòsàn tó ń lọ́wọ́ nínú ìdánwò kan ṣoṣo di ogún, ó di ogójì, wọ́n sì ń sanwó fún ilé ìwòsàn lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá gbà wọlé.

Timothy Walsh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York kó ìdánwò 75 jọ ní 2002, àwọn tí wọ́n tẹ̀ jáde láti 1981 sí 2000. Ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo plasíbò ni ara wọn yá gidi, ṣùgbọ́n ìdánwò kan kò jọ èkejì: àwọn kan kò ju 12 tàbí 13 lọ, àwọn mìíràn kọjá 50. Wọ́n sì rí i pé iye náà ń gòkè ní nǹkan bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Toshi Furukawa ní Kyoto tún un wò ní 2016 pẹ̀lú ìdánwò 252, ó sì sọ pé iye náà ti dúró láàárín 35 sí 40 láti nǹkan bí 1991, àti pé gígùn ìdánwò àti iye ilé ìwòsàn tó kópa nínú rẹ̀ ló mú kó dà bíi pé ó ń gòkè. Ọ̀rọ̀ Furukawa ni mo gbà, nítorí ó tọ́ka sí ohun tí ọwọ́ èèyàn lè tún ṣe.

Ìdánwò kan wà tó fi ìṣòro yìí hàn ju gbogbo ìṣirò lọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002. Ewé ìbílẹ̀ àwọn òyìnbó kan, háípẹ́ríkọ́ọ̀mù, ni wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń wo ìsoríkọ́. Aláìsàn 340 ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan lo ewé náà, àwọn kan lo plasíbò, àwọn yòókù lo sẹtiralínì, oògùn tí àwọn dókítà ti ń kọ fún aláìsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nǹkan bí 24 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo ewé ló sàn dáadáa, àwọn tó lo sẹtiralínì jẹ́ nǹkan bí 25, àwọn tó lo plasíbò sì jẹ́ nǹkan bí 32. Ìwé ìròyìn kéde pé ewé náà kò ṣiṣẹ́. Bí a bá fẹ́ tẹ̀lé irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ sọ pé sẹtiralínì náà kò ṣiṣẹ́. Ìdánwò ọ̀hún ni kò lágbára láti rí iṣẹ́ oògùn kankan. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n fi sẹtiralínì ṣe ẹlẹ́rìí, kò sí ẹni tí ì bá mọ̀.

Ilé-iṣẹ́ Merck náà nílò irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ nípa apirẹpitáǹtì, oògùn tuntun tí wọ́n ń dán wò fún ìsoríkọ́. Ìdánwò àkọ́kọ́, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1998, mú inú gbogbo ayé dùn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìdánwò mìíràn já wọn kulẹ̀, wọ́n sì ní plasíbò ló fà á tó fi rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá ṣe ìdánwò ńlá márùn-ún. Nínú àwọn tí wọ́n ti fi oògùn àtijọ́ kan, parọsẹtínì, ṣe ẹlẹ́rìí, parọsẹtínì borí plasíbò, apirẹpitáǹtì kò borí rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ìdánwò ríran, oògùn ni kò lágbára. Nítorí náà, ẹni tó bá ní plasíbò ló ba ìdánwò òun jẹ́ gbọ́dọ̀ fi ẹlẹ́rìí rẹ̀ hàn kí a tó gbà á gbọ́.

Kí ló wá wà nínú ìsàn àwọn tó lo plasíbò yìí? Irving Kirsch ṣe ìṣirò kan ní 2008 tó mú ọ̀rọ̀ náà yéni. Nínú àwọn ìdánwò tó kó jọ, máàkì Hamilton àwọn tó lo oògùn já sílẹ̀ ní 9.6, ti àwọn tó lo plasíbò já sílẹ̀ ní 7.8. Ìyàtọ̀ méjèèjì jẹ́ 1.8. Ohun tí à ń wá kò tó máàkì méjì, ó sì fara pamọ́ sábẹ́ nǹkan bí máàkì mẹ́jọ tí kì í ṣe ti oògùn. Àṣìṣe kékeré kan nínú mẹ́jọ yẹn ti tó láti bo méjì náà mọ́lẹ̀.

Apá kan nínú mẹ́jọ náà jẹ́ ti àkókò. Ìsoríkọ́ a máa kún, a sì máa fà bí odò, ìgbà tó bá kún jù lọ sì ni èèyàn ń wá ìrànlọ́wọ́. Bí wọ́n bá kọ máàkì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí wọ́n tún kọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ṣeé ṣe kó ti fà, yálà ó gbé nǹkan kan mì tàbí kò gbé. Bí ìdánwò bá ṣe gùn tó ni èyí ṣe ń pọ̀ tó.

Apá kejì jẹ́ ti ìrètí àti ìtọ́jú. Ẹni tó bá wọ inú ìdánwò ń rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ń jókòó tì í fún wákàtí kan, wọ́n ń béèrè oorun rẹ̀, ìbànújẹ́ rẹ̀, bóyá ó ti ronú láti pa ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì rí ẹni tó béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn rí. Posternak àti Zimmerman fi hàn ní 2007 pé bí ìbẹ̀wò bá ṣe pọ̀ tó ni ara àwọn tó lo plasíbò ṣe ń yá tó. Ìrètí náà ní ipa tó ṣeé díwọ̀n. Nígbà tí ìdánwò bá ní ọ̀nà méjì péré, oògùn kan àti plasíbò, aláìsàn mọ̀ pé ó lè jẹ́ pé plasíbò ni òun gbà. Bí wọ́n bá fi oògùn kejì kún un, ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe gan-an kí òun rí oògùn gbà. Nínú àkójọ tí Sinyor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 2010, nǹkan bí 34 nínú ọgọ́rùn-ún ló sàn lórí plasíbò nínú ìdánwò ọ̀nà méjì, ṣùgbọ́n nǹkan bí 47 ló sàn nínú èyí tó ní oògùn méjì. Ohun kan náà tí kò ní èròjà ni gbogbo wọn gbé mì. Ó sì dùn mí pé ẹlẹ́rìí tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan ń mú plasíbò lágbára sí i. Ẹni tó ń ṣètò ìdánwò gbọ́dọ̀ yan èyí tó fẹ́ san owó rẹ̀.

Apá kẹta ló máa ń bí mi nínú jù, nítorí ẹnu ọ̀nà ló ti ń ṣẹlẹ̀, kí aláìsàn tó gbé hóró kankan mì. Ọ̀pọ̀ ìdánwò ló ní òfin pé ẹni tí máàkì Hamilton rẹ̀ kò bá tó 20 kò lè wọlé. Ẹ jẹ́ ká mú arábìnrin kan tí máàkì rẹ̀ gan-an jẹ́ 17. Ẹni tó ń díwọ̀n rẹ̀ mọ̀ pé 20 ni ẹnubodè, ó mọ̀ pé ilé ìwòsàn òun ti pẹ́ kó tó rí ẹni tó yẹ, ó sì rí i pé obìnrin náà ń jìyà. Lórí oorun ó fún un ní 2 dípò 1, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ìpayà, ó tún ṣe é lórí iṣẹ́. Ó di 20, obìnrin náà wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹnubodè mọ́, kò sí ìdí láti fi kún un, wọ́n sì kọ 17 tí í ṣe òtítọ́. Máàkì mẹ́ta ti já sílẹ̀ láìsí pé ohunkóhun yí padà nínú ayé rẹ̀. Mẹ́ta ju 1.8 lọ. Bí ó sì ti ń ṣẹlẹ̀ lọ́nà oògùn ni ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́nà plasíbò, débi pé iṣẹ́ oògùn rì sínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá èyí ti ṣẹlẹ̀ kò ní ju kó to máàkì ìwọlé gbogbo aláìsàn sórí ìwé lọ: bí wọ́n bá ṣù jọ sórí 20, 21 àti 22, tó sì jẹ́ pé ekukáká ni a fi rí 18 àti 19 láàárín àwọn tí wọ́n dá padà, ẹnubodè náà ti ń darí ọwọ́ ẹni tó ń kọ máàkì.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ tí àwọn onímọ̀ gbìyànjú ni pé kí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ lo plasíbò fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí wọ́n lé àwọn tí ara wọn bá yá jáde, kí ìdánwò gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ọgbọ́n, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Trivedi àti Rush wo àwọn ìdánwò náà ní 1994, wọn kò rí i pé ó dín plasíbò kù. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Dókítà mọ̀ pé plasíbò ni gbogbo èèyàn ń lò lọ́sẹ̀ náà, nítorí náà kò retí ìsàn kankan, kò sì fẹ́ pàdánù aláìsàn tó fi ìyà wá. Máàkì kì í já sílẹ̀. Ọjọ́ tí ìdánwò gan-an bá bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń retí, ọjọ́ náà sì ni ìsàn ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń ràn wá lọ́wọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni kí a gba ìwọ̀n kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ní èrè nínú ẹnubodè. Kenneth Kobak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò nínú ìdánwò ìsoríkọ́ kan, àbọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 2010. Yàtọ̀ sí àwọn olùdíwọ̀n ilé ìwòsàn, wọ́n lo àwọn mìíràn tó wà ní ibòmíràn, tí wọn kò mọ ọ̀sẹ̀ tí aláìsàn wà àti máàkì tó yẹ kó ní kó tó wọlé. Lójú àwọn olùdíwọ̀n ilé ìwòsàn, 28 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo plasíbò ló sàn; lójú àwọn tó wà lókèèrè, 14 ni. Nǹkan bí 35 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ilé ìwòsàn gbà wọlé ni àwọn ará òkèèrè ì bá dá padà. Ọ̀nà yìí kò gba gbogbo ìdánwò tó ti lò ó là, nítorí kò fọwọ́ kan àkókò àti ìrètí. Ṣùgbọ́n bí owó bá kéré, tí èèyàn kò lè ṣe ju ohun kan lọ, èyí ni mo máa ní kó ṣe: kí olùdíwọ̀n má mọ ẹnubodè, kí ẹni tó ń díwọ̀n má sì jẹ́ ẹni tó ń gba aláìsàn wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó dín ìbẹ̀wò kù, kó sì ní ilé ìwòsàn mẹ́wàá tó mọṣẹ́ dípò ogójì tí wọ́n ń sáré.

Ọ̀nà tó gbóyà jù lọ ti Boston wá. Ní 2003, Maurizio Fava àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìdánwò onípele méjì sílẹ̀. Ká ní a ní aláìsàn 300. Ní ìpele kìíní, a fi gègé pín wọn: 100 gba oògùn, 200 gba plasíbò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ká ní 80 nínú àwọn 200 náà ti sàn. Ó ku 120 tí plasíbò kò ṣe nǹkan kan fún. Láìsọ fún wọn, a tún fi gègé pín àwọn 120 wọ̀nyí: 60 gba oògùn, 60 ń bá plasíbò lọ. Àwọn tó kù yìí ti fi hàn pé ìrètí àti àkókò kò tíì wò wọ́n sàn, nítorí náà plasíbò kì í fi bẹ́ẹ̀ ga ní ìpele kejì. A ó wá da àbọ̀ ìpele méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n tí a ti fi lé wọn kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Èyí sàn ju ọ̀sẹ̀ plasíbò àtijọ́ lọ nítorí pé dókítà àti aláìsàn kò mọ ẹni tó wà lórí kí ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ilé-iṣẹ́ Alkermes gbé ọ̀nà yìí lọ síwájú àjọ oúnjẹ àti oògùn Amẹ́ríkà pẹ̀lú àpòpọ̀ buprenọfínì àti samidọfánì fún àwọn tí oògùn ìsoríkọ́ kò ràn lọ́wọ́ tó. Nínú àwọn ìdánwò ńlá mẹ́ta tí wọ́n ṣe, méjì jẹ́ onípele méjì, ọ̀kan nínú wọn sì yọrí sí rere. Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà béèrè ìbéèrè tó le: bí àwọn kan bá ti kúrò kí ìpele kejì tó bẹ̀rẹ̀, ṣé àwọn tó kù ṣì jẹ́ àpẹẹrẹ àwọn aláìsàn tí dókítà yóò kọ oògùn náà fún? Báwo la ṣe fẹ́ túmọ̀ nọ́ńbà kan tó jẹ́ àdàlù ẹgbẹ́ méjì tí kò jọra? Ní oṣù Kọkànlá 2018, ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn dìbò 21 sí 2 lòdì sí oògùn náà, àjọ náà sì kọ̀ ọ́ ní oṣù Kejì 2019. Mo rò pé ìbéèrè wọn tọ́. Ọ̀nà Fava wúlò fún ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ mọ̀ kíákíá bóyá oògùn kan ní agbára kankan. Kò tíì tó láti sọ fún dókítà iye ìrànlọ́wọ́ tí aláìsàn rẹ̀ yóò rí.

Àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ti mú ìṣòro òdìkejì wá. Nínú ìdánwò àwọn oògùn tí ń yí ojú ìríran àti ìmọ̀lára padà, plasíbò kì í sábà ga. Ìdí rẹ̀ ni pé láàárín wákàtí kan, aláìsàn ti mọ ohun tó gbé mì. Ẹni tó mọ̀ pé òun kò rí oògùn gbà a máa já kulẹ̀, ìjákulẹ̀ rẹ̀ a sì mú kí oògùn dà bí ẹni pé ó tóbi ju bó ti rí lọ. Èyí wà lára ohun tí ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn ń bi ara wọn léèrè ní oṣù Kẹfà 2024, nígbà tí wọ́n jókòó lórí oògùn kan tó wà fún ìpayà tí ń tẹ̀lé ìjàǹbá, ìyẹn èyí tí ilé-iṣẹ́ Lykos gbé wá. Àjọ náà kọ̀ ọ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà. Nítorí náà, bí wọ́n bá mú ìdánwò tuntun wá tí plasíbò inú rẹ̀ kéré, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa wò ni bóyá wọ́n ní kí aláìsàn àti olùdíwọ̀n sọ, ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí ìsàn tó lè tọ́ ẹnikẹ́ni sọ́nà, ohun tí wọ́n rò pé aláìsàn náà gbà. Nínú ìdánwò tí wọ́n pín dọ́gba, bí iye àwọn tó mọ̀ ọ́n bá sún mọ́ ìdajì, a lè gba nọ́ńbà náà gbọ́. Bí ó bá tó mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, wọn kò tíì dín plasíbò kù; wọ́n kàn fi ẹni tó ń lò ó hàn án ni.